Ínfọ́ìsì Excel: ẹ̀dínwó la ó kọ́kọ́ yọ ni, àbí owó-orí ọjà?

Oníwèé_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwé kíkà, báàgì ilé-ìwé àti yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la ń kó fún àwọn ilé-ìwé. Mo fẹ́ ṣe ínfọ́ìsì kan nínú Excel tí màá máa lò nígbà gbogbo, tí n kò ní máa fọwọ́ ṣírò mọ́. Ìwé kò ní owó-orí ọjà, báàgì àti yíǹkì ní. Mo máa ń dín owó lórí báàgì nìkan, mo sì tún máa ń dín 5% lórí gbogbo ọjà pọ̀ fún ilé-ìwé tó bá rà púpọ̀. Fọ́múlà wo ni màá kọ tí owó-orí 7.5% kò fi ní bọ́ sórí ìwé, tí ẹ̀dínwó náà kò sì ní da gbogbo rẹ̀ rú?

Àdìó_Ọjà

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ máa gba owó-orí náà. Òfin ìnáwó 2019 sọ pé iléeṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ lọ́dún kò bá tó mílíọ̀nù 25 náírà kò ní láti máa gbà á. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026 sì ti sún ààlà yẹn. Ẹ má lọ máa gba owó tí ìjọba ò bi yín.

Oníwèé_Ìbàdàn

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. A ti forúkọ sílẹ̀, oníṣirò owó wa ló ń bá wa san án lóṣooṣù. Fọ́múlà ni mò ń wá.

Ọmọ_Aláró

Kò le rárá. Ẹ ro gbogbo ọjà pọ̀, ẹ ṣírò owó-orí èyí tó ní, ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ wá yọ 5% kúrò lára àpapọ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀dínwó tí a yọ ṣáájú àti èyí tí a yọ lẹ́yìn, iye kan náà ni wọn yóò gbé jáde. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Baba_Oníṣirò

Àbúrò wa Ọmọ_Aláró gba ibì kan. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká to síìtì náà ná.

Ìlà 11 ni kẹ́ ẹ kọ àkọlé sí. Orúkọ ọjà wà ní òpó A, iye tí wọ́n rà ní B, owó ẹyọ kan ní C, ẹ̀dínwó orí ọjà yẹn nìkan ní D, àmì owó-orí ní E, owó ìlà náà ní F. Ọjà bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 12, ó parí sí ìlà 31. Ẹ fi ìlà 32 sílẹ̀ lófìfo, kẹ́ ẹ fún un kó tín-ín-rín. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ìlà òfìfo yẹn.

Ní òpó E, ẹ kọ V síwájú ọjà tó ní owó-orí, kẹ́ ẹ kọ K síwájú èyí tí kò ní. Fọ́múlà F12 rèé, ẹ fà á wálẹ̀ dé F31:

```
=IF(A12="","",ROUND(B12*C12*(1-D12),2))
```

IF tó ṣáájú yẹn ni kò ní jẹ́ kí àwọn ìlà tẹ́ ẹ ò lò máa gbé 0.00 jókòó sójú ínfọ́ìsì.

Ó kan ìsàlẹ̀. E34 ni kẹ́ ẹ máa kọ ẹ̀dínwó gbogbo ọjà sí, E36 ni 7.5% máa wà. Ẹ wá kọ ìwọ̀nyí sí òpó F:

```
F33: =SUM(F12:F32)
F34: =ROUND(F33*E34,2)
F35: =IF(F33=0,0,ROUND(SUMIF(E12:E32,"V",F12:F32)*(F33-F34)/F33,2))
F36: =ROUND(F35*E36,2)
F37: =F33-F34+F36
```

F35 ni ọkàn iṣẹ́ náà. SUMIF á ṣa owó àwọn ọjà tó ní V jọ, kò ní fọwọ́ kan ìwé. Apá tó tẹ̀ lé e á wá jẹ́ kí àwọn ọjà náà gba ìpín tiwọn nínú ẹ̀dínwó, kí ìwé náà gba tirẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ lára ọjà V lẹ́yìn ẹ̀dínwó ni owó-orí yóò bọ́ sí lórí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà yín wò ó. Ìwé kíkà 120, ẹyọ kan 2,500 náírà, ó di 300,000, K ló wà níwájú rẹ̀. Báàgì 40, ẹyọ kan 4,500, ó di 180,000, ẹ dín 10% lórí rẹ̀, ó ku 162,000. Yíǹkì 6, ẹyọ kan 23,000, ó di 138,000. F33 á gbé 600,000 jáde. Ẹ̀dínwó 5% nínú F34 jẹ́ 30,000. Ọjà tó ní V jẹ́ 300,000 kó tó di pé a dín nǹkan kan. Ìdajì gbogbo ọjà ni, nítorí náà ìdajì ẹ̀dínwó, ìyẹn 15,000, ló tọ́ sí i. F35 á jẹ́ 285,000, owó-orí inú F36 á jẹ́ 21,375. Oníbàárà á san 591,375.

Ìlà 32 wá ńkọ́? Tí ọjà bá ju ogún lọ, orí ìlà 32 lẹ ó ti fi ìlà tuntun kún un, torí pé SUM àti SUMIF wọ inú ìlà yẹn, wọn á nà bá yín. Tó bá jẹ́ F31 ni SUM parí sí, tẹ́ ẹ sì fi ìlà sábẹ́ rẹ̀, ọjà ìlà tuntun náà lè má wọ inú àpapọ̀, kò sì sí ohun tí yóò ké pe yín. Ẹ má gbàgbé láti ṣe ẹ̀dà fọ́múlà òpó F sínú ìlà tuntun náà.

Ọmọ_Aláró

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣírò tèmi pẹ̀lú ọjà yẹn kan náà. Owó-orí lórí 300,000 jẹ́ 22,500. 600,000 pẹ̀lú 22,500 jẹ́ 622,500. Mo yọ 5%, ó ku 591,375. Iye tẹ́ ẹ pè náà nìyẹn! Kí ló dé tí a ó fi máa kọ fọ́múlà gígùn bíi ti F35?

Baba_Oníṣirò

Ibi tẹ́ ẹ ti gbà á nìyẹn: àpapọ̀ bára mu. Ẹ wá wo ìlà owó-orí nínú ínfọ́ìsì tiyín. 22,500 lẹ kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 21,375 ni owó-orí tó wà nínú ohun tí oníbàárà san lóòótọ́. Ìlà yẹn ni oníṣirò owó yín máa gbé lọ síwájú ìjọba nígbà tó bá ń kó ínfọ́ìsì oṣù jọ. 1,125 náírà lẹ fi san lórí ínfọ́ìsì kan láti inú àpò ara yín. Tí ínfọ́ìsì bá jẹ́ ọgbọ̀n lóṣù, ẹ ro ó.

Èkejì, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ló ń bára mu bẹ́ẹ̀. Tí oníbàárà bá ní kí ẹ kúkú bá òun yọ 30,000 gan-an, tẹ́ ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn owó-orí, 592,500 ló kù. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ṣáájú, 591,375 ni. Wọn ò bára mu mọ́. F35 tí mo kọ yẹn gba méjèèjì: tó bá jẹ́ iye owó pàtó lẹ fẹ́ yọ, ẹ kọ 30000 tààrà sínú F34, ẹ má fọwọ́ kan èyí tó kù.

Ọmọ_Aláró

Ó yé mi wàyí. Ìlà owó-orí ni mi ò wò.

Ìyá_Ìjẹun

Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Oúnjẹ àríyá la ń sè, owó tí a bá pè fún oníbàárà, owó-orí ti wà nínú ẹ̀. Tí mo bá pe 10,750, mo máa ń kọ 7.5% rẹ̀ sílẹ̀ bí owó-orí, ìyẹn 806.25. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Baba_Oníṣirò

Ó pọ̀ jù, ìyá wa. 10,750 kọ́ ni owó ọjà yín. Owó ọjà jẹ́ 10,000, owó-orí rẹ̀ jẹ́ 750, àwọn méjèèjì ló di 10,750. Tẹ́ ẹ bá mú 7.5% lára 10,750, ẹ ń gba owó-orí lórí owó-orí. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ láti inú iye tó ti pé, tí iye náà wà ní F12, fọ́múlà tirẹ̀ nìyí:

```
=ROUND(F12*E36/(1+E36),2)
```

Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ síìtì ti Oníwèé_Ìbàdàn o. Síìtì tiwọn ń fi owó-orí kún un, tiyín ń yọ ọ́ jáde. Ẹ ṣe fáìlì méjì.

Oníwèé_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, bàbá. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́, mo sì fi ọjà tẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ sí i. F33 gbé 600,000 jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n F34 ń kọ 3,000,000 fún mi, F37 sì di -2,448,600. Kí ni mo ṣì ṣe?

Baba_Oníṣirò

5 lẹ kọ sínú E34, ẹ ò kọ 5%. Excel kà á sí ìlọ́po márùn-ún, ìdí nìyẹn tí 600,000 fi di mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ kọ 5% pẹ̀lú àmì rẹ̀, tàbí 0.05.

Kó má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ E34 àti òpó D láti D12 dé D31, ẹ lọ sí Home, kẹ́ ẹ yan Percentage kí séèlì náà tó ní nǹkan nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Data, kẹ́ ẹ yan Data Validation, ẹ mú Decimal, between, kẹ́ ẹ kọ 0 sí Minimum, 0.3 sí Maximum. Ẹni tó bá kọ 5 síbẹ̀, Excel á kà á sí 5%; ẹni tó bá ṣèèṣì kọ 50, Excel á dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa ń dín ju 30% lọ nígbà mìíràn, ẹ gbé 0.3 yẹn sókè, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dé 1.

Oníwèé_Ìbàdàn

Ìyẹn ti tọ́. Ó ku ọ̀kan. Owó-orí tó jáde jẹ́ 11,542.50, kì í ṣe 21,375. Mo ti kọ V síwájú báàgì àti yíǹkì o, mo ń wò ó lójú mi báyìí.

Kọ́bọ̀_Kan

Ẹ jẹ́ n gbìyànjú èyí. 11,542.50 jẹ́ 7.5% ti 153,900. 153,900 sì ni 162,000 tí a ti yọ 5% kúrò lára rẹ̀. Báàgì nìkan ni SUMIF rí. Kò rí yíǹkì. Ẹ lọ sí séèlì kan tó ṣófo, kẹ́ ẹ kọ `=LEN(E14)`. Tó bá gbé 2 jáde dípò 1, àyè òfìfo kan wà lẹ́yìn V yẹn. Ṣé ẹ ṣe ẹ̀dà ìlà náà láti ibòmíràn ni?

Oníwèé_Ìbàdàn

Ha! 2 ló gbé jáde lóòótọ́. Látinú WhatsApp ni mo ti kó ìlà yíǹkì wá.

Kọ́bọ̀_Kan

Ó dáa náà. SUMIF kì í bìkítà bóyá lẹ́tà ńlá tàbí kékeré ni, v àti V kan náà ni lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè òfìfo lẹ́yìn lẹ́tà ń jẹ́ kó kà á sí nǹkan mìíràn. Ẹ fi Data Validation sí òpó E náà, ẹ mú List, kẹ́ ẹ kọ V,K sí Source. Ẹ ó máa yàn án ni, ẹ ò ní máa tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Data Validation kì í dá ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn dúró, ohun tí a fọwọ́ tẹ̀ nìkan ló ń yẹ̀ wò. Torí ìyẹn ni mo ṣe ń fi Conditional Formatting kún un. Ẹ yan A12 dé F31, kẹ́ ẹ kọ òfin yìí, kẹ́ ẹ fún un ní àwọ̀ pupa:

```
=AND($A12<>"",$E12<>"V",$E12<>"K")
```

Ìlà tó bá ní ọjà ṣùgbọ́n tí àmì rẹ̀ ṣófo tàbí tó ní àyè lẹ́yìn, á pọ́n dẹ̀dẹ̀ kí ínfọ́ìsì tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Mo ní ìbéèrè fún Baba_Oníṣirò náà. Ṣé ó yẹ kí ROUND wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan ni, àbí ìsàlẹ̀ nìkan? Èmi máa ń fi síbi àpapọ̀ nìkan ni.

Baba_Oníṣirò

Ìlà kọ̀ọ̀kan ni tèmi, ohun tí oníbàárà ń rí ló sì fà á. Ẹ wo ọjà kan tó jẹ́ 950.30, tí ẹ dín 8% lórí rẹ̀. Ó di 874.276. Séèlì á fi 874.28 hàn torí pé kọ́bọ̀ méjì lẹ ní kó fi hàn, ṣùgbọ́n 874.276 ló ṣì wà nínú rẹ̀. Tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ méjì, oníbàárà tó bá fi ẹ̀rọ ìṣirò ro ohun tó ń rí á rí 1,748.56. Excel á kọ 1,748.55. Kọ́bọ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó wò nílé-ìwé lè dá ínfọ́ìsì náà padà nítorí rẹ̀.

Kọ́bọ̀_Kan

Ohun tí èmi ń rò ni pé bí ẹ bá ń ROUND ní ìlà ogún, ìyókù wẹ́wẹ́ á kó jọ, owó-orí á sì fi díẹ̀ yàtọ̀ sí iye gan-an. N kò tíì gbà pátá, ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun tó hàn lójú gbọ́dọ̀ rò pọ̀.

Ará_Pọ̀bẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò o. Láti Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ṣe ẹ̀dà fọ́múlà F12 yín, Excel mi kọ̀ ọ́. Ohun tó fà á ni pé èdè Faransé ni tèmi ń sọ, àmì ìdánudúró kékeré sì ni ẹ fi ń ya nǹkan sọ́tọ̀, èyí tí a ń lò fún kọ́bọ̀ níbí. Ẹni tó bá wà ní Kétu tàbí Sákétẹ́ tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, báyìí ni:

```
=SI(A12="";"";ARRONDI(B12*C12*(1-D12);0))
```

Odo ni mo kọ síparí rẹ̀ torí pé owó sẹ́fà wa kò ní kọ́bọ̀. E36 tiwa jẹ́ 18%. SUM di SOMME, SUMIF di SOMME.SI. Tó bá jẹ́ pé fáìlì gan-an lẹ fi ránṣẹ́, Excel á tú orúkọ náà fúnra rẹ̀, ohun tí a bá tẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ará ibí rántí pé ínfọ́ìsì Excel kò tó fún TVA, ìyẹn owó-orí ọjà, lọ́dọ̀ wa, ti ìjọba tí wọ́n ń pè ní facture normalisée ni wọ́n ń béèrè.

Ọmọ_Aláró

Ẹ ṣé o, ará Pọ̀bẹ̀. Ó ku ti lílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé a ó kàn máa ṣí ínfọ́ìsì àná, ká pa ọjà inú rẹ̀ rẹ́, ká kọ tuntun?

Baba_Oníṣirò

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dínwó 5% ti oníbàárà àná ló máa ń kù sínú E34, ẹni tí kò yẹ á sì gbà á. Ẹ ṣe síìtì kan tó mọ́, tí orúkọ oníbàárà, ọjà, E34 àti nọ́ńbà ínfọ́ìsì ṣófo, ṣùgbọ́n tí E36 ní 7.5% nínú. Ẹ lọ sí Save As, kẹ́ ẹ yan Excel Template, ìyẹn .xltx. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i, ẹ̀dà tuntun ló máa ń fún yín, ògidì rẹ̀ kò ní kúrò níbi tó wà. Lórí Google Sheets, File, Make a copy ni.

Kẹ́ ẹ tó fi pamọ́, ẹ yan gbogbo séèlì tẹ́ ẹ máa ń tẹ nǹkan sí, ìyẹn A12 dé E31, E34, àti ibi orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà lókè. Ẹ wọ Format Cells, Protection, kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò níwájú Locked. Lẹ́yìn náà, Review, Protect Sheet. Fọ́múlà á wà ní títì, ibi tí a ń kọ nǹkan sí á ṣí sílẹ̀. Títì yìí kì í jẹ́ kéèyàn fi ìlà kún un, nítorí náà ẹ rí i pé ìlà ogún yẹn tó yín, tàbí kẹ́ ẹ mú un pọ̀ sí i kẹ́ ẹ tó tì í.

Ohun méjì tó ń ba ínfọ́ìsì àtijọ́ jẹ́ rèé. Àkọ́kọ́ ni `=TODAY()` níbi ọjọ́. Ínfọ́ìsì oṣù kẹta tẹ́ ẹ bá ṣí ní oṣù kẹjọ á kọ ọjọ́ oṣù kẹjọ sára ara rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl àti ; pọ̀, ọjọ́ tòní á wọlé, kò sì ní yí mọ́. Ìkejì ni kéèyàn lọ kọ 7.5% sí fáìlì mìíràn, kí gbogbo ínfọ́ìsì máa lọ mú un níbẹ̀. 5% ni owó-orí ọjà ní Nàìjíríà kó tó di 7.5% ní ọjọ́ 1 oṣù kejì 2020. Ẹni tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀, bó ṣe yí nọ́ńbà kan yẹn ni ínfọ́ìsì 2019 tó bá tún ṣí á gba 7.5%. Kí E36 wà nínú ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi PDF rẹ̀ pamọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́.

Oníwèé_Ìbàdàn

Owó-orí ti di 21,375 o! Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ó ku owó ọkọ̀. Mo máa ń gba 20,000 láti gbé ẹrù lọ sí ilé-ìwé. Tí mo bá fi sáàárín ọjà, ẹ̀dínwó 5% á kàn án, n kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Baba_Oníṣirò

Ẹ gbé e sí F37, kí àpapọ̀ wá bọ́ sí F38, `=F33-F34+F36+F37`. Ẹ̀dínwó kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tèmi ni pé ìlà owó ọkọ̀ dúró láyè ara rẹ̀, owó-orí kò sí lórí rẹ̀.

Kọ́bọ̀_Kan

Mi ò gbà, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń ta ọjà náà ló ń gbé e, nínú ọjà ló wà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, F36 á di `=ROUND((F35+F37)*E36,2)`, owó-orí á sì fi 1,500 lé sí i.

Baba_Oníṣirò

Kí ló máa wáyé nígbà tí ìdajì ẹrù bá jẹ́ ìwé tí kò ní owó-orí? Ìdajì 20,000 ni àbí gbogbo rẹ̀? Oníwèé, ẹ bi oníṣirò owó yín, kẹ́ ẹ bá wa mú èsì rẹ̀ padà síbí.